Tí kọ́pọ́ọ̀sì bá ti gbé gbólóhùn kan jáde, ṣé ó ti dára nìyẹn?

Adékọ̀wé

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mò ń kọ ìròyìn ìwádìí kan ní Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ `make research on` síbẹ̀, ẹ́dítọ̀ fi pupa gé e, ó ní wọn kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo lọ sórí COCA, kọ́pọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó sórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ `make research`, ohun tó jáde pọ̀ gan-an. Ṣé kí n dá a padà ni?

Rántí_B

Dá a padà jàre. Ohun tó bá ti jáde lọ́pọ̀ yanturu, àwọn èèyàn ń sọ ọ́ nìyẹn, kí ló tún kù. Èmi ò tiẹ̀ kì í da ara mi láàmú lọ sí COCA, Gúgù ni tèmi, màá fi gbólóhùn náà sáàárín àmì àyọlò, màá wo nọ́ḿbà tó gbé wá, màá tún tẹ ìkejì, èyí tí nọ́ḿbà ẹ̀ bá pọ̀ jù ni mo máa mú. Kì í gba àkókò rárá.

Ìyá_Ògbufọ̀

Adékọ̀wé, má tíì dá nǹkan kan padà. Tẹ àbájáde yẹn kí àwọn ìlà abẹ́ ẹ̀ ṣí, kí o ka nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n nínú wọn, má kàn wo àárín níbi tí wọ́n ti kun ọ̀rọ̀ náà láwọ̀, apá ọ̀tún ni kí o máa wò, ohun tó tẹ̀lé `research`. Ohun tí ẹ̀rọ kà ò ju pé ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn lọ, kò mọ̀ bóyá wọ́n bá ara wọn tan. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, bi ara ẹ pé ṣé ẹni yìí ń ṣe ìwádìí ni, àbí nǹkan míì ló ń ṣe sí ìwádìí náà? Wá sọ ohun tí o rí fún wa.

Rántí, nọ́ḿbà tí Gúgù ń kọ yẹn, àfojúbù ni, kì í ṣe pé wọ́n kà á. Máa ṣí ojú ìwé èsì lọ títí dé ìparí, wàá rí i pé ohun tó fi hàn ẹ gan-an kéré sí nọ́ḿbà yẹn jìnnà réré. Ojú ìwé kan náà tí wọ́n ti dà kọ síbi púpọ̀ náà ń wọ inú ẹ̀. Kì í sì í ka àmì ìdánudúró sí, tí gbólóhùn kan bá parí sí `make` tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Research`, á so wọ́n pọ̀ fún ẹ.

Rántí_B

Mo gbọ́ ti dídà kọ yẹn, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju èkejì lọ ńkọ́? Àfojúbù ò lè ṣìnà tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ògbufọ̀

Tí ìyàtọ̀ bá tó bẹ́ẹ̀, mo gbà, ó lè tọ́ka ọ̀nà fún ẹ. Àmọ́ irú ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ nílò ká wò ó lórí ohunkóhun. Èyí tó máa ń dààmú èèyàn ni èyí tí méjèèjì jọ jáde dáadáa, bíi ti Adékọ̀wé yìí.

Adékọ̀wé

Mo ti kà wọ́n mà. Irú báyìí ló pọ̀ jù, mo gé wọn kúrú:

```
make research easier
make research a priority
make research findings available
make research grants to ...
make research on such cells illegal
```

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló yà mí lẹ́nu jù, torí `on` wà níbẹ̀ gan-an bí mo ṣe kọ ọ́.

Ìyá_Ògbufọ̀

Ẹn-ẹn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó o dé. Wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àkọ́kọ́, wọ́n ń sọ ìwádìí di ohun tó rọrùn, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe é. Ìkejì náà bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ohun tó ṣáájú. Nínú ìkẹta, `findings` ni wọ́n ń mú jáde fáráyé, `research` kàn ń sọ irú `findings` tó jẹ́ ni. Ìkẹrin, owó ìrànwọ́ ni wọ́n ń fúnni. Ìkarùn-ún, òfin ló ń dè é, ọ̀rọ̀ tó parí ẹ̀, `illegal`, ló gbé gbogbo ìtumọ̀ náà, tí o bá gé ìlà yẹn sí `on` o ò ní mọ̀ láéláé. Nínú márùn-ún tí o kọ yìí, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ohun tí ìwọ fẹ́ sọ.

Ìyẹn ni pé nọ́ḿbà tí o rí lókè kì í ṣe nọ́ḿbà gbólóhùn tìẹ. Nọ́ḿbà gbólóhùn míì ni, tí lẹ́tà wọn kàn bára mu.

Wàyí o, yí ìbéèrè padà. Dípò kó o máa bi kọ́pọ́ọ̀sì pé ṣé èyí wà, bi í pé kí ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀. Tẹ èyí:

```
to VERB research on
```

`VERB` tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ yẹn, àyè òfìfo ni, ọ̀rọ̀ ìṣe èyíkéyìí lè jókòó síbẹ̀. Mo fi `to` ṣáájú torí pé láìsí i, irú `published research on` á ya wọlé, ìyẹn ìwádìí tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ ìṣe kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. Wo èyí tó wà lókè pátápátá, kó o wá wo bí `make` ṣe jìnnà sí i tó, kó o sì ṣí àwọn ìlà `make` yẹn náà kà.

Tíṣà_Ìṣirò

Ẹ ń fi kíkà dá ara yín lágara. Kọ́pọ́ọ̀sì ní ohun tó ń jẹ́ MI, òun ló ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ méjì ń fa ara wọn. Tó bá ti kọjá 3, wọ́n ń bá ara wọn rìn nìyẹn, ó parí. Ìṣirò kì í ṣègbè.

Adékọ̀wé

Mo ti tẹ èyí tí màmá sọ. `do` àti `conduct` ló wà lókè. `make` wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ìlà tó ní ò sì tó nǹkan, nígbà tí mo sì ṣí i, díẹ̀ nínú wọn tún jẹ́ irú ti òfin yẹn. Àwọn tó kù dà bíi tèmi lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, MI yẹn ńkọ́, ṣé kí n wò ó?

Ìyá_Ògbufọ̀

Wò ó, ṣùgbọ́n má fi ṣe adájọ́. Òótọ́ ni Tíṣà sọ pé MI ń wọn bí ọ̀rọ̀ méjì ṣe ń fa ara wọn tó, 3 yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ ni "ó parí" yẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ rèé, tí a bá yọ àwọn àfikún kúrò:

```
MI = log2( (f12 * N) / (f1 * f2) )
```

`f12` ni iye ìgbà tí méjèèjì jọ jáde, `f1` àti `f2` ni iye ìgbà tí oníkálukú jáde, `N` ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú kọ́pọ́ọ̀sì. COCA ju bílíọ̀nù kan lọ, jẹ́ ká mú bílíọ̀nù kan. Ká ní ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí ẹnì kan ṣì tẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jáde lẹ́ẹ̀kan péré nínú gbogbo kọ́pọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni wọ́n sì jọ jókòó. MI wọn á sún mọ́ 30! Àṣìtẹ̀ lásán, ó fi ìlọ́po mẹ́wàá ju 3 tí Tíṣà dá lọ. Ẹ wá wo `do research` tí gbogbo èèyàn ń sọ. `do` pọ̀ jọjọ, ibi gbogbo ló wà, ìbéèrè, àtakò, gbogbo ẹ̀, torí náà `f2` tóbi débi pé MI á fà sẹ́yìn, a ó wá máa rò pé gbólóhùn náà ò lágbára.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé `f12` yẹn gan-an, iye tí ẹ̀rọ kà láìka ìlà ni. Gbogbo `make research easier` tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò, ó ti wà nínú ìṣirò Tíṣà.

Tíṣà_Ìṣirò

Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi iye tó kéré jù sí i, pé kó má kà èyí tí kò jáde tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Àti pé logDice wà, òṣùwọ̀n míì tí Sketch Engine ń lò, 14 ni òpin ẹ̀, kò sì wo bí kọ́pọ́ọ̀sì ṣe tóbi tó.

Ìyá_Ògbufọ̀

O wí ire, iye tó kéré jù yẹn ń dín àṣìtẹ̀ kù lóòótọ́. Èmi náà ń lo logDice. Ṣùgbọ́n logDice náà ò lè ka ọ̀tún ìlà fún wa, tí kíkà bá ti wọ́ láti ìsàlẹ̀, òun náà á wọ́.

Bàbá_Ìwé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má pa gbólóhùn yìí tì o. Mo ti rí `make researches` nínú ìwé àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀dítọ̀ yẹn ò ka ìwé ni.

Ìyá_Ògbufọ̀

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, wọ́n kọ ọ́ dáadáa láyé ọ̀hún, pẹ̀lú `s` lẹ́yìn. Tí Adékọ̀wé bá wọ COHA, èyí tó kó ìwé Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1820 síwájú, á rí i níbẹ̀, á sì rí i bó ṣe ń tán lọ bí ọdún ṣe ń sún mọ́ tiwa. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn wo ọdún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kó tó gbà á lẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí 1850 ò lè jẹ́rìí sí ìròyìn tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ lónìí.

Kọ́lá_Aláriwísí

Èmi ní ìbéèrè míì o. Adékọ̀wé ní àwọn ìlà kan kù tó dà bíi tòun lóòótọ́. Àwọn wo ló kọ ìyẹn, ṣé wọn kì í ṣe èèyàn ni? COCA, Amẹ́ríkà nìkan ló wà níbẹ̀, 1990 sí 2019. Ẹ lọ wo GloWbE, orílẹ̀-èdè 20 ni, Nàìjíríà wà níbẹ̀, Gánà wà níbẹ̀, Íńdíà wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tiwa náà Gẹ̀ẹ́sì ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé kọ́pọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà la fi ń dá ọmọ wa lẹ́jọ́?

Ìyá_Ògbufọ̀

Kọ́lá, ọ̀rọ̀ gidi lo gbé wá yìí, mi ò ní fojú kéré ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti nọ́ḿbà kúrò ńlẹ̀, torí ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń ṣubú tó bá kúrò nínú kọ́pọ́ọ̀sì kan bọ́ sí òmíràn.

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ lásán, pé gbólóhùn kan jáde lẹ́ẹ̀ogún nínú BNC, kọ́pọ́ọ̀sì ti Bìrìtìkó, ó jáde lọ́gọ́rùn-ún ìgbà nínú COCA. Ojú á sọ pé Amẹ́ríkà ló ń sọ ọ́ jù. Ṣùgbọ́n BNC ò ju mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lọ, COCA sì ju bílíọ̀nù lọ. Ogún nínú mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún, 0.2 lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún nínú bílíọ̀nù kan, 0.1. Èyí tó dà bíi pé ó kéré ló fi ìlọ́po méjì pọ̀ jù. Nínú GloWbE gan-an, apá orílẹ̀-èdè kan ò tóbi bíi ti òmíràn, Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó ló gba apá tó pọ̀ jù, torí náà iye orí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo iye gbogbo. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún ka ìlà, torí `make research easier` wà ní Nàìjíríà náà.

Ohun kejì ni ibi tí ìlà ti wá. Tí ìlà mẹ́jọ bá kù, tí mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ti ojú ìwé kan náà, ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìlú. Kọ́pọ́ọ̀sì tí wọ́n kó látorí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń ní èyí gan-an.

Kọ́lá_Aláriwísí

Mo wò ó. Lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, apá tiwa ṣì ga ju ti Amẹ́ríkà lọ, orísun wọn sì yàtọ̀ síra. Nítorí náà mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, èèyàn ń sọ ọ́, kì í ṣe àṣìṣe.

Ìyá_Ògbufọ̀

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ́pọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé wọ́n ń sọ ọ́ níbẹ̀. Ó tán, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí. Bóyá kí Adékọ̀wé kọ ọ́ sínú ìròyìn yìí, ẹni tó máa kà á ló máa pinnu, kì í ṣe nọ́ḿbà. Ta ló ń kà á, Adékọ̀wé?

Adékọ̀wé

Jọ́nà àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní òkè òkun ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí.

Ìyá_Ògbufọ̀

Nígbà náà tẹ `do research on` àti `conduct research on`, kí o lo CHART lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún méjèèjì, òun ló ń fi iye tó jáde ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan hàn. COCA ní ẹ̀ka mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wà níbẹ̀, ìtàn àròsọ, ìwé ìròyìn, ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wàá rí i pé `do` ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri, títí kan ọ̀rọ̀ ẹnu, `conduct` ló fẹ́ràn ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Tó bá jẹ́ ará Bìrìtìkó ló ń ṣe jọ́nà náà, wo `carry out research` nínú BNC, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n rántí pé BNC yẹn ti pẹ́, kò kọjá ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀rọ̀ tuntun má bi í léèrè.

Ṣìkẹ́mi

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Èmi ò ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì o, Yorùbá ni tèmi. Mo kó àwọn ìwé Yorùbá jọ sórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá `ṣe ìwádìí` ló wọ́pọ̀ ni tàbí `wádìí` nìkan, mo tẹ `ṣe ìwádìí`, ó gbé odo jáde. Odo! Ṣé a kì í sọ ọ́ ni? Àbí kọ́pọ́ọ̀sì mi kéré?

Ìyá_Ògbufọ̀

Ṣìkẹ́mi, a ń sọ ọ́ dáadáa. Kí o tó gba odo gbọ́, bi í pé ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ ńkọ́, `ìwádìí` lásán, ẹ̀ẹ̀melòó ló jáde? Tí òun alára bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta péré, odo yẹn ò sọ nǹkan kan. Ibi tí tìẹ ti yàtọ̀ sí ti Adékọ̀wé nìyẹn, `research` pọ̀ rẹpẹtẹ nínú COCA, torí náà bí `make` ò ṣe rọ́wọ́ mú níbẹ̀ ní ìtumọ̀.

Àmọ́ mo fura sí àmì ohùn. Ẹlòmíì fi àmì sí gbogbo ẹ̀, ẹlòmíì fi sí díẹ̀, ẹlòmíì ò fi sí rárá, àwọn tó fi sí i gan-an, `ṣ` ti ẹnì kan jẹ́ lẹ́tà kan, ti ẹlòmíì jẹ́ `s` pẹ̀lú àmì abẹ́ lọ́tọ̀, ojú ò rí ìyàtọ̀ ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rí i. Bọ́ gbogbo àmì kúrò lára ìwé àti lára ohun tí o ń wá kó o tó ka nǹkan:

```python
import unicodedata
def bo(s):
    s = unicodedata.normalize("NFD", s.lower())
    return "".join(c for c in s if not unicodedata.combining(c))
```

Lẹ́yìn ìyẹn wá `se iwadii`, wá `se iwadi`, kó o sì wá `sewadii` tó so pọ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn, `ṣèwádìí`. Tí o bá fi èyí tó so pọ̀ sílẹ̀, ohun tó pọ̀ jù lè bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Ṣìkẹ́mi

Áà ẹ ṣé mà, ó ti ń jáde báyìí! Ṣùgbọ́n mo ka ìlà bẹ́ ẹ ṣe ní ká kà, mo wá rí irú èyí, `se iwadii naa ti pari?`

Ìyá_Ògbufọ̀

`Ṣé` ti ìbéèrè nìyẹn. Àmì tí a bọ́ ló sọ òun àti `ṣe` di ọ̀kan náà. Irú ohun tí Adékọ̀wé rí ni, lẹ́tà bára mu, iṣẹ́ ò bára mu. Tọ́jú ìwé tó ní àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó o lè padà wò ó, èyí tí kò sì ní àmì láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ẹ ló máa yà á sọ́tọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Irú ìwé wo lo kó jọ?

Ṣìkẹ́mi

Bíbélì àti ìwé ìwàásù ló pọ̀ jù, ìyẹn ló rọrùn láti rí. Ìròyìn díẹ̀ wà níbẹ̀.

Tíṣà_Ìṣirò

Nígbà náà ka ti ìròyìn lọ́tọ̀, ka ti ìwàásù lọ́tọ̀, má pa wọ́n pọ̀. Iye tó bá jáde lápapọ̀, ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ ìwàásù ló máa sọ fún ẹ.

Ìyá_Ògbufọ̀

Tíṣà gba ẹnu mi sọ. Bíbélì ọ̀hún, tó bá jẹ́ pé ìtumọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lo kó pọ̀, ẹsẹ kan náà á jáde léraléra, ọ̀kan ni kí o fi sílẹ̀.

Adékọ̀wé

Mo ti lo CHART yẹn. `conduct research on` ni màá fi ránṣẹ́ sí jọ́nà. Kọ́lá, mo gbọ́ tìẹ náà o, nínú ìròyìn tí ẹgbẹ́ wa máa kà nílé, mo ṣì ń rò ó bóyá kí n fi `make` sílẹ̀.

Kọ́lá_Aláriwísí

Fi sílẹ̀. Wọ́n á lóye ẹ.

Ìyá_Ògbufọ̀

Wọ́n á lóye ẹ lóòótọ́. Èmi á kọ `do`, torí kò sí ibì kankan nínú àwọn kọ́pọ́ọ̀sì wọ̀nyí tí wọ́n ti ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ àwọn tó ń ka tìẹ.